Òòyì orí bẹ́ẹ̀dì: etí ni, kì í ṣe ibà

"Ẹ̀yin àgbà, Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà. Bí mo bá ti yí sápá ọ̀tún lórí bẹ́ẹ̀dì, òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò sì ní pẹ́ dáwọ́ dúró. Ọkọ mi ní ẹyinjú mi náà máa ń já. Ṣé dókítà ojú ni kí n lọ bá?"

Rárá o, àbúrò. Etí ló ń dà ọ́ láàmú.

Ibà ni wọ́n ń tọ́jú lára tèmi l'Adó níbí. Abẹ́rẹ́ ibà, oògùn ibà, nígbà tó yá wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo bá gbójú sókè kí n mú ìkòkò lórí pẹpẹ, òòyì á kọ́ mi, èébì á gbé mi, n ó dì mọ́ ògiri. Ìyá ọkọ mi ti ní àwọn ayé ni. Nínú gbogbo àwọn tó wọ kóòtù funfun yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí n dùbúlẹ̀ kí òun wo ẹyinjú mi!

Ihò róbótó mẹ́ta tí omi wà nínú wọn ló wà nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí orí bá yí, omi yẹn á tẹ àwọn irun tín-ín-rín kan, ọpọlọ á gbọ́, á sì ti ẹyinjú sí òdìkejì kí ohun tí à ń wò lè dúró sójú kan. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àwọn hóró kálísíọ́mù wà, kéékèèké bíi yanrìn. Ọjọ́ orí tàbí kéèyàn forí gbá nǹkan lè mú kí wọ́n já bọ́ sínú ihò ẹ̀yìn. Bí o bá wá dùbúlẹ̀, wọ́n á yí lọ sísàlẹ̀, wọ́n á fa omi dání. Orí ti dúró, àmọ́ etí kan ṣoṣo yẹn ṣì ń sọ pé ó ń yí. Ọpọlọ á ti ẹyinjú lọ, ẹyinjú á já padà, á tún lọ. Òun ló mú kí òrùlé máa yí lójú rẹ. Bí hóró náà bá jókòó, ó parí, kì í tó ìṣẹ́jú kan.

Jẹ́ kí dókítà etí dán an wò: wàá jókòó, wàá kọjú díẹ̀ sí ọ̀tún, á yára dá ọ sẹ́yìn kí orí rẹ rọ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ hóró yẹn ló fà á, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ẹyinjú á máa já sókè síwájú orí, á sì máa lọ́ sápá etí tó wà nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀, á yí orí rẹ sósì, wàá fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ kí o dojú kọ ilẹ̀, wàá dìde jókòó. Kí òòyì dáwọ́ dúró níbi kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó kúrò. Ọ̀nà Epley nìyẹn. Bí ọrùn bá ń dùn ọ́, sọ fún un ṣáájú.

Oògùn òòyì tí kẹ́míìsì ń tà á kàn máa kùn ọ́ lóorun ni, kò lè ti hóró kankan kúrò níbi tó wà.

Ṣùgbọ́n bí òòyì ò bá dúró nígbà tí o dúró jẹ́ẹ́, tí nǹkan ń di méjì lójú rẹ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu tàbí tí o ò lè rìn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀: ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Bí wọ́n bá tún ní ibà ni, ní kí wọ́n wo ẹyinjú rẹ kí wọ́n tó fún ọ lábẹ́rẹ́.