Ohun tí lọ́ọ̀gì ń béèrè

*Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Kí ni ìtumọ̀ lọ́gárídíìmù yìí gan-an? Wọ́n ní kí ọmọ mi yí 2⁵ = 32 sí lọ́ọ̀gì. Ó kọ log₂ 5 = 32, wọ́n sì fagi lé e.*

Mọ̀mí, Jọ́ọ̀nù Népíà ará Sìkọ́tílándì ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ní 1614. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló so pọ̀, ìkejì nínú wọn túmọ̀ sí nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tó máa ran ọmọ yín lọ́wọ́ kò ju ìbéèrè kan lọ: ẹ̀ẹ̀melòó?

Ẹ mú àǹkárá tí ẹ rà ní Balógun, ẹ ká a sí méjì. Ó di ìpele 2. Ẹ tún un ká, ó di 4. Lẹ́ẹ̀kẹta 8, lẹ́ẹ̀kẹrin 16, lẹ́ẹ̀karùn-ún 32. Bí ojú mi bá tó o bí ẹ ṣe ń ká a, ohun tí mo máa bi yín ni pé, “Ìpele mélòó ló wá dà?” Èsì rẹ̀ ni 2⁵ = 32. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ti ká a tán kí n tó dé, tí mo fi èékánná ka etí aṣọ, tí mo bá 32 níbẹ̀. Mo máa ní, “Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ká a?” Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìyẹn ni log₂ 32 = 5.

Ẹ wo 2 yẹn dáadáa. Òun ni ìdí, ìsàlẹ̀ ló sì wà nínú méjèèjì. 5 tó wà lókè ló sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ́ ìdáhùn, 32 ló wọ inú lọ́ọ̀gì. Ohun tí ọmọ yín kọ ń sọ pé a ká aṣọ nígbà 32, a sì rí ìpele 5 péré. Bẹ́ẹ̀ 2³² ju bílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Kó máa ka ohun tó bá kọ padà báyìí, á rí àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tí àwọn ọmọ lẹ́sìn mi ní Yábàá ti máa ń ṣubú jù ni log₈ 4. Wọ́n á sáré kọ ½, torí pé 4 jẹ́ ìdajì 8. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yí i padà, kó sì sọ ìdí méjèèjì di 2:

```
log₈ 4 = x
8^x = 4
2^(3x) = 2^2
3x = 2
x = 2/3
```

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: 2 tí a sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ló ń fún wa ní 8, 2 kan náà lẹ́ẹ̀mejì sì jẹ́ 4.

Wọ́n tún máa ń kọ pé log₂ 1 jẹ́ 1. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ fún un láìká. Ìpele 1 ló wà níbẹ̀, ẹ kò sì tíì ká a rárá, nítorí náà 0 ni. Log₂ 0 ní tirẹ̀ kò ní ìdáhùn kankan, torí kò sí iye ìgbà tí ẹ lè ká aṣọ tí kò ní ku ìpele kankan.