Ògiri ẹ̀yìn ṣì ń rin lẹ́yìn tí a ti fi gọ́tà sí òrùlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ọbáńtokò, l'Abẹ́òkúta, kọjú sí òkè, àpáta sì wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ògiri ẹ̀yìn á rin dé orúnkún. A fi gọ́tà sí òrùlé lọ́dún tó kọjá, síbẹ̀ ó ṣì ń rin, igun ilé kan sì ti ń là. Kí ló kù tí a ò tíì ṣe?

Ìdáhùn: Ó jọ pé omi méjì ló ń bá yín jà. Gọ́tà òrùlé mú ọ̀kan, kò sì mú un dé ibi tó yẹ. Èkejì ń gba inú ilẹ̀ bọ̀ láti òkè, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí igun tó ń là bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó fi gọ́tà, ọ̀ṣọ̀ọ̀rò ń kán káàkiri gbogbo gígùn ògiri. Ká ní ilé yín gùn ní mítà 12, tí apá òrùlé tó kọjú sẹ́yìn sì fẹ̀ ní mítà 5. Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóòró, lítà kan ni. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n 100 mílímítà ní wákàtí kan, apá òrùlé yẹn nìkan á da 6,000 lítà sílẹ̀ ní wákàtí náà. Ìyẹn ni kéègì oní-lítà-25 mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí páìpù kan ṣoṣo bá kó gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ tó sì tú u sí ẹsẹ̀ igun ilé, ojú kan náà ni ẹ ń da kéègì mẹ́rin sí láìdúró. Omi á fọ yanrìn abẹ́ ìpìlẹ̀ lọ, igun náà á sì máa rì. Gọ́tà tí a ò parí burú ju àìní gọ́tà lọ.

Ẹ wo ìlà tó là náà. Bó bá dagun láti igun fèrèsé, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, igun ló ń rì lóòótọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ibi tó parí sí lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bó bá ṣì ń gùn tàbí tó ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti darí omi kúrò, iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn, kì í ṣe ti gọ́tà mọ́.

Gọ́tà òrùlé fúnra rẹ̀ kò le láti tún ṣe. Ẹ jẹ́ kó ga díẹ̀ láàárín, kó máa dà sí páìpù méjì, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ ní mílímítà 5 ní mítà kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 3 láti àárín dé igun. Ìkọ́ tó gbé e dúró kò gbọ́dọ̀ jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ láàárín ìkọ́ méjì, omi á dúró síbẹ̀, ẹ̀fọn á gbalé. Páànù ní láti yọ wọ inú gọ́tà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Bó bá kúrú, omi á gba ẹ̀yìn gọ́tà yí padà sí ara pákó àti ògiri. Páìpù tó ń sọ omi kalẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dópin lẹ́bàá ògiri. Ẹ fi páìpù oníǹṣì 4 gbé e lọ sínú gọ́tà ilẹ̀. Ẹ má sì darí rẹ̀ sí sokawéè, torí ẹ̀yin náà lẹ máa rí ohun tó máa padà wọlé.

Omi kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka sí l'Abẹ́òkúta. Òjò tó rọ̀ sí ilẹ̀ òkè yín á rì wọ inú ilẹ̀ pupa, á kan àpáta, kò sì ní lè lọ síwájú mọ́. Á wá máa yọ̀ lórí àpáta náà lọ sí ìsàlẹ̀ títí yóò fi kan ìpìlẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà, ẹ gbẹ́ ihò kan dé orúnkún, tàbí dé ojú àpáta, ní mítà kan ààbọ̀ sí ògiri ẹ̀yìn. Ẹ fi páànù bò ó kí òjò má bàa wọ̀ ọ́, kí ẹ sì mọ iyẹ̀pẹ̀ yí i ká kí àgbàrá má ṣàn sínú rẹ̀. Omi òrùlé máa ń tán láìpẹ́ tí òjò bá dá. Bí ẹ bá bá omi nínú ihò yẹn ní ọjọ́ kejì, omi orí àpáta ni, a kò lè fi kọnkéré ẹsẹ̀ ilé nìkan lé e.

Ohun tó máa mú un ni gọ́tà ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ní mítà 2 sí ògiri. Ẹ má súnmọ́ ìpìlẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ, ẹ má sì gbẹ́ ẹ jìn ju ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ lọ. Jẹ́ kó gùn kọjá ilé ní mítà 2 lọ́tùn-ún àti lósì, ó di mítà 16. Fún un ní ìdagẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà kan: bí inú rẹ̀ bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á jìn ní 46 níbi tó parí sí. Kí bíríkìlà fi rọ́bà omi wò ó, kó má fi ojú díwọ̀n. Kí ìbú inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Kì í ṣe nítorí omi, torí ìdajì rẹ̀ á gbé omi yín. Nítorí ṣọ́bìrì tí ẹ máa fi kó ewé àti iyẹ̀pẹ̀ ni.

Ilẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ kọnkéré nínípọn sẹ̀ǹtímítà 10, sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ǹtì 7 á tó fún un, yàtọ̀ sí ti mímọ búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù oníǹṣì 6 tó 150 á mọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì; ẹ ó gé díẹ̀ nínú wọn níbi tí kò jìn. Níbi ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkè ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Orí búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ lọ díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á di ògiri tó ń dènà àgbàrá, tí yóò sì wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ẹ tún fi páìpù kéékèèké oníǹṣì 2 gún un nísàlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn wọn. Ẹnu ihò wọ̀nyí ni omi orí àpáta máa gbà wọlé. Bí bíríkìlà bá fi sìmẹ́ǹtì dí wọn kí iṣẹ́ lè mọ́ lójú, ẹ ti fi owó kọ́ gọ́tà tó ń gbé omi ojú ilẹ̀ nìkan.

Bí ẹ bá kan àpáta kí ẹ tó jìn tó, ẹ má dá iná sí i kó lè fọ́, ìpìlẹ̀ yín wà nítòsí. Ẹ fọ ojú àpáta mọ́, ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì họ ojú rẹ̀ kó rí ṣákaṣàka, kí ẹ wá mọ búlọ́ọ̀kù kékeré lé e lórí, ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, kó lè máa ti omi lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ilẹ̀ tó wà láàárín gọ́tà àti ògiri ló kù. Ẹ jẹ́ kó ga ní ẹsẹ̀ ògiri, kó máa dagẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní mítà kan lọ sínú gọ́tà. Ẹ gún iyẹ̀pẹ̀ náà dáadáa ní ìpele-ìpele. Kọnkéré tí wọ́n tẹ́ sórí iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ á rì, á yà kúrò lára ògiri, omi á sì gba àárín wọn wọlé. Ẹ sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán, sísàlẹ̀ ibi tí bíríkìlà tẹ́ ọ̀rá sí nínú ògiri.

Láti ìkángun gọ́tà náà, ẹ darí omi gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí gọ́tà àdúgbò níwájú. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagẹ̀rẹ̀ jù, ẹ kọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí àtẹ̀gùn kí omi má bàa sáré. Ẹ má tú u sí ẹ̀yìn ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín, torí òun náà á béèrè lọ́wọ́ yín ìdí tí ògiri òun fi ń rin.