Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n sì kù nílẹ̀

Ìbéèrè: Bàbá tó ni ilé yàrá mẹ́jọ tí mo ń mójú tó ní Adénìkẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n kó kọ́kọ́rọ́, ìwé owó ilé àti nọ́ńbà àwọn ayálégbé wá lọ́jọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì san kọmíṣọ̀n mi. Ṣé mo lè di kọ́kọ́rọ́ mú títí wọn yóò fi sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má dì í mú. Amòfin lè sọ fún yín pé òfin máa ń gba aṣojú láyè nígbà mìíràn láti di ohun ìní ẹni tó rán an níṣẹ́ mú nítorí owó iṣẹ́ rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí yàrá méjì bá ṣófo nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń wọlé, tí kọ́kọ́rọ́ wọn sì wà lọ́wọ́ yín, owó ilé tí Bàbá pàdánù ni wọn yóò fi dojú kọ kọmíṣọ̀n yín. Ewu tó tún le ju ìyẹn lọ wà níbi kọ́kọ́rọ́ àfikún ti yàrá tí ènìyàn ń gbé. Bí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹnìkan bá sọnù lọ́la, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ pè sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nítorí náà, ẹ so bébà kékeré mọ́ kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà yàrá tàbí "géètì" tàbí "ilé pọ́ǹpù" sí i, ẹ kà wọ́n níṣojú Bàbá tàbí ẹni tí wọ́n bá fi ìwé rán wá, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí ẹ̀dà méjì ìwé tó sọ iye kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ àti wákàtí.

Ìwé owó ilé ni yóò gba kọmíṣọ̀n yín fún yín, bí ẹ bá ṣe é dáadáa. Ẹ kọ yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: orúkọ ayálégbé, iye tó san, ọjọ́ tó san án, nọ́ńbà rìsíìtì, àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò parí. Ọjọ́ ìparí yìí ni ìjà máa ń tinú rẹ̀ jáde, nítorí onílé tí kò mọ̀ ọ́n lè béèrè owó tuntun lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ ṣì ku oṣù mẹ́rin.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò ṣírò owó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé yàrá kan jẹ́ ₦120,000 lọ́dún, pé ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé ibẹ̀, àwọn márùn-ún san án pé, ẹnì kẹfà san ₦60,000. Owó tó wọlé jẹ́ ₦660,000. Bí àdéhùn yín bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá owó tó bá wọlé, kọmíṣọ̀n yín jẹ́ ₦66,000. Ká tún sọ pé ẹ ti tún pọ́ǹpù ṣe ní ₦35,000 pẹ̀lú àṣẹ Bàbá, rìsíìtì sì wà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦101,000. Bí ẹ bá ti fi ₦640,000 ránṣẹ́ sí wọn, ₦20,000 ṣì wà lọ́wọ́ yín, èyí tí a óò yọ kúrò, nítorí náà ₦81,000 ni wọ́n jẹ yín. Owó ₦60,000 tó kù lọ́wọ́ ayálégbé kẹfà ti di ohun tí Bàbá fúnra wọn yóò gbà. Ẹ kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wà nílẹ̀.

Owó kọ́ṣọ̀n kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Bí ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá fi ₦10,000 sílẹ̀ lọ́wọ́ yín nítorí ohun tó lè bàjẹ́, ₦60,000 yẹn ti àwọn ayálégbé ni, ẹ kò sì gbọdọ̀ yọ kọmíṣọ̀n nínú rẹ̀. Ẹ fi í lé Bàbá lọ́wọ́, kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn gbà á, àti pé ọwọ́ àwọn ni ayálégbé yóò ti béèrè rẹ̀ bí ó bá ń kó jáde. Mo tẹnu mọ́ èyí gidigidi, torí pé éjẹ́ǹtì tí wọ́n ti lé ni akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí rẹ̀ sábà máa ń wá bá.

Ní ti nọ́ńbà, ẹ fún Bàbá ní orúkọ àti fóònù ayálégbé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ti oníduuro rẹ̀, ní orí bébà. Ẹ má ṣe jù ú sórí Wasáàpù níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 kan irú nǹkan báyìí. Ẹ rọ Bàbá kí wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ayálégbé pé láti ọjọ́ báyìí, ẹ̀yin kọ́ ni wọn yóò máa san owó fún mọ́. Títí tí lẹ́tà náà yóò fi dé ọwọ́ wọn, ẹni tó bá san owó fún yín lè sọ pé onílé ni òun san án fún, òfin sì lè gbè é. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wọ àkáǹtì yín, ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá lọ́jọ́ náà, láìyọ kọ́bọ̀, kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ orúkọ ẹni tó san án.

Ẹ pa ẹ̀dà gbogbo ìwé mọ́. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, ẹ fi ìṣirò ₦81,000 tàbí iye tó bá jẹ́ tiyín gan-an sẹ́yìn ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí, kí ẹ dá ọjọ́ mẹ́rìnlá fún wọn. Bí ọjọ́ bá pé tí wọn kò sì san án, lẹ́tà amòfin ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ kóòtù májísíréètì.