17.3% àti 47.2%: ibo la ti ṣìnà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Òmù-Àrán ni mò ń gbé, mo sì ń múra ìdánwò Wáẹ̀kì sílẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ṣe ìbéèrè taitiréṣọ̀n kan látinú ìwé ìbéèrè àtijọ́, èyí tó jẹ mọ́ pámángánéètì àti irin súlféètì. 86.3% ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Èmi rí 17.3%, ọ̀rẹ́ mi rí 47.2%. Ìwé náà kò fi ìṣirò hàn wá. Ẹ jọ̀wọ́, báwo la ṣe máa mọ ibi tí a ti ṣìnà, àti ibi tí olùmáàkì máa ti yọ máàkì wa?

Ìdáhùn: Fi 86.3 pín ìdáhùn tìrẹ, wàá rí 0.2, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún. Fi 86.3 kan náà pín ti ọ̀rẹ́ rẹ, wàá rí 0.547. Nọ́ńbà méjèèjì yìí ti fẹjọ́ yín sùn kí n tó rí ìwé yín. Ìwọ fi márùn-ún kan sílẹ̀ níbì kan. Ọ̀rẹ́ rẹ gbàgbé omi, nítorí pé bí a bá fi 278 pín 152, 0.547 náà ló máa jáde. Má ṣe ìyọnu, màá ṣàlàyé ibi tí 152 àti 278 ti wá.

Mo mọ ìbéèrè náà, mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlọrin níbí lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí wọ́n pè ní A jẹ́ pámángánéètì tó ki tó 0.0200 mol/dm³. B jẹ́ 7.80 g irin súlféètì tí kò mọ́ tán, tí wọ́n yọ́ sínú omi títí ó fi pé 250 cm³. Wọ́n fi pípẹ́ẹ̀tì wọn 25.0 cm³ nínú B, wọ́n da ásíìdì súlfúríìkì sí i, wọ́n sì ń kán A sí i láti inú búrẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, 24.60 cm³ ni wọ́n lò. Lẹ́yìn náà wọ́n rí 24.20, 24.10 àti 24.30. Wọ́n ní kí ẹ ṣírò ìdá ọgọ́rùn-ún FeSO₄·7H₂O tó wà nínú èyí tí wọ́n wọ̀n.

Ibi tí ìwọ ti ṣìnà ni ìdọ́gba. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ohun tí o kọ nìyí:

```
MnO4⁻ + 8H⁺ + Fe²⁺ → Mn²⁺ + Fe³⁺ + 4H2O
```

Ka átọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Mángánísì kan lọ́tùn-ún, kan lósì. Irin kan, kan. Ọ́síjìn mẹ́rin, mẹ́rin. Háídírójìn mẹ́jọ, mẹ́jọ. Gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ fi balẹ̀. Àmọ́ ka ṣáàjì rẹ̀ wàyí. Lápá òsì, −1, +8 àti +2 jẹ́ +9. Lápá ọ̀tún, +2 àti +3 jẹ́ +5. Kò dọ́gba. Nínú rẹ́dọ́ọ̀sì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kíka átọ́ọ̀mù nìkan kò sì lè fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù hàn ọ́. Ṣáàjì nìkan ló ń fi í hàn. Nínú ìwé tí mo ti máàkì, àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju kí ọmọ ka átọ́ọ̀mù sódì lọ, torí pé ẹni tó ṣe é rò pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú MnO₄⁻, ọ́síjìn mẹ́rin jẹ́ −8, ṣáàjì gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ −1, nítorí náà mángánísì wà ní +7. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí àmì ṣáájú nọ́ńbà. Bí o bá kọ ọ́ sí 7+, ṣáàjì áyọ́ọ̀nù lo kọ, kì í ṣe nọ́ńbà ọsidéṣọ̀n, olùmáàkì sì lè fi máàkì yẹn dù ọ́. Ní apá kejì, Mn²⁺ wà ní +2. Láti +7 wá sí +2, ó gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún. Irin lọ láti +2 sí +3, ó yọ̀ǹda ẹyọ kan. Àwọn ìdajì ìdọ́gba wa nìyí:

```
MnO4⁻ + 8H⁺ + 5e⁻ → Mn²⁺ + 4H2O
Fe²⁺ → Fe³⁺ + e⁻
```

Ọ́síjìn mẹ́rin ló mú kí a kọ omi mẹ́rin sápá ọ̀tún, omi mẹ́rin ló sì mú kí a wá H⁺ mẹ́jọ sápá òsì. Yẹ ṣáàjì ìdajì àkọ́kọ́ wò: −1, +8 àti −5 jẹ́ +2, +2 náà ló wà lọ́tùn-ún. Ẹyọ kan ni irin yọ̀ǹda, márùn-ún ni mángánísì ń fẹ́, nítorí náà irin márùn-ún ló máa bọ́ mángánísì kan. Fi márùn-ún sọ ìdajì kejì di púpọ̀, kí o wá pa méjèèjì pọ̀:

```
MnO4⁻ + 8H⁺ + 5Fe²⁺ → Mn²⁺ + 5Fe³⁺ + 4H2O
```

Apá òsì jẹ́ −1, +8 àti +10, ìyẹn +17. Apá ọ̀tún jẹ́ +2 àti +15, ìyẹn +17. Ẹ̀yìn èyí nìkan ni kí o tó gbé bírò kúrò lórí ìdọ́gba rẹ́dọ́ọ̀sì. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí o kọ ìdajì ìdọ́gba, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì ní tirẹ̀. Bí e⁻ bá ṣì wà nínú àpapọ̀ náà, máàkì yẹn ti lọ. Nínú ìdánwò ṣíṣe, Wáẹ̀kì sábà máa ń tẹ ìdọ́gba náà fún yín, àmọ́ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí márùn-ún inú rẹ̀ wà fún.

Ìṣirò ló kàn. Àròpín 24.20, 24.10 àti 24.30 jẹ́ 24.20 cm³. A fi 24.60 sílẹ̀ nítorí pé ó jìnnà sí àwọn yòókù, ìdánwò àkọ́kọ́ lásán ni. Fi ọ̀nà tí o gbà rí àròpín náà hàn, pẹ̀lú ìpín mẹ́ta nísàlẹ̀, torí pé máàkì lè wà lórí rẹ̀ lọ́tọ̀.

```
móòlù MnO4⁻ = 0.0200 × 24.20 / 1000 = 4.84 × 10⁻⁴
móòlù Fe²⁺  = 5 × 4.84 × 10⁻⁴ = 2.42 × 10⁻³
kíki B      = 2.42 × 10⁻³ × 1000 / 25.0 = 0.0968 mol/dm³
```

Ìlà kejì yẹn ni tìrẹ. Ìwọ fi 1 síbi tí 5 yẹ kó wà, kíki B sì di 0.01936, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e wá kéré níwọ̀n márùn-ún. Àwọn mìíràn máa ń dojú ẹ̀ kọ ẹ̀yìn, wọ́n á fi márùn-ún pín dípò kí wọ́n fi sọ ọ́ di púpọ̀. Ti àwọn yẹn a máa já sí 3.45%, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìbèèrè pé irú irin súlféètì wo ni ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà: "móòlù MnO₄⁻ kan ń bá móòlù Fe²⁺ márùn-ún ṣiṣẹ́." Ẹni tó bá kọ èyí kì í mọ bí yóò ṣe fi márùn-ún pín, torí pé ó ti rí i pé irin ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù.

Ọ̀rẹ́ rẹ ṣe dáadáa títí dé ibí yìí. Ìgbà tó fẹ́ sọ móòlù di gíráàmù ló ti kọsẹ̀. Ó ṣírò FeSO₄ nìkan: 56, 32 àti 64 jẹ́ 152. Àmọ́ FeSO₄·7H₂O ni ìbéèrè sọ, omi méje sì wà lára rẹ̀, 18 lọ́nà méje jẹ́ 126. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 278. Irú àṣìṣe yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí pé 47.2% kò ṣe ẹni ní kàyéfì, kò sí ohun tó máa ta ọ́ jí. Kó fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣírò, títí kan àmì kékeré àárín FeSO₄ àti omi yẹn, kó tó fọwọ́ kan kakulétọ̀.

```
FeSO4·7H2O nínú 1 dm³ = 0.0968 × 278 = 26.91 g
ohun tí wọ́n wọ̀n nínú 1 dm³ = 7.80 × 1000 / 250 = 31.2 g
ìdá ọgọ́rùn-ún = 26.91 / 31.2 × 100 = 86.3%
```

Kíyè sí i pé inú 250 cm³ ni 7.80 g wà, inú 1 dm³ sì ni 26.91 g wà. Ẹni tó bá fi 7.80 pín 26.91 máa rí 345%, èyí kò ṣeé ṣe, ó kéré tán òun máa mọ̀. Má sì gé 26.91 sí 26.9 láàárín ọ̀nà, torí pé 86.2% ló máa fún ọ. Jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà nínú kakulétọ̀ wà bẹ́ẹ̀ dé ìparí, kó o tó gé e sí nọ́ńbà mẹ́ta tó nítumọ̀.

Ní ti máàkì, ọ̀pọ̀ ìlànà ìmáàkì máa ń ya ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdáhùn. Ká ní o kọ gbogbo ìlà yìí jáde, tí o sì kọ 1 dípò 5, ìlà yẹn àti ìdáhùn rẹ̀ lo máa pàdánù. Olùmáàkì lè tẹ̀ lé 0.01936 rẹ lọ, kó sì fún ọ ní máàkì 278 àti ti ìdá ọgọ́rùn-ún, torí pé ọ̀nà rẹ tọ́ lẹ́yìn ibẹ̀. Àmọ́ bí o bá kọ 17.3% nìkan, kò ní ohun tó máa tẹ̀ lé. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìwé àtijọ́, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan: fọ́múlà, nọ́ńbà tí ẹ fi sínú rẹ̀, ìdáhùn pẹ̀lú yúnìtì. Ìlà tó bá ní ìdáhùn ṣùgbọ́n tí kò ní mol/dm³ tàbí g/dm³ lára, ẹ kà á sí máàkì tó bọ́. Ìwọ̀n átọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ sórí ìbéèrè ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fi 55.8 dípò 56 fún irin, 86.2% lẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé ẹ̀yin lẹ ṣìnà.

Kí ọ̀rẹ́ rẹ má bàa fi 278 kọ́ra wàyí o, ẹ jọ ṣe ọ̀kan sí i lórí B yìí kan náà: kí ni ìwọ̀n irin nínú 1 dm³? Irin nìkan ni wọ́n bèèrè, nítorí náà 56 ló máa fi sọ 0.0968 di púpọ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 5.42 g/dm³. Omi kò kàn án níbẹ̀ rárá.