Máàpù onígbáméjì: iye aláìsàn nìkan kò tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi iye aláìsàn onígbáméjì ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Kogí kun máàpù. Yàgbà Ìlà-Oòrùn pupa fòò, Mopa-Muro kò fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Ọ̀gá mi ní máàpù náà ń ṣini lọ́nà. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, bíi 44,000 èèyàn ló wà ní Mopa-Muro, bíi 147,000 sì wà ní Yàgbà Ìlà-Oòrùn. Bí àrùn náà bá ń jà bákan náà níbi méjèèjì, aláìsàn Yàgbà ṣì máa ju ìlọ́po mẹ́ta ti Mopa-Muro lọ. Ẹ dán èyí wò: ẹ fi iye olùgbé nìkan kun máàpù mìíràn. Bó bá jọ ti àkọ́kọ́, a jẹ́ pé ibi tí èèyàn pọ̀ sí lẹ ti ń yà látẹ̀yìnwá.

Ká ní aláìsàn 60 ló wà ní Yàgbà Ìlà-Oòrùn, tí 33 wà ní Mopa-Muro. Ẹ pín 60 fún 147,000, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 10,000: ó jẹ́ bíi 4 nínú ẹgbàárùn-ún èèyàn. Ti Mopa-Muro á jẹ́ 7.5. Ibi tó ṣe bí ẹni fúyẹ́ lórí máàpù yín gan-an ni àrùn ti ń bá èèyàn jà jù. Nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, èyí lẹ máa tẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti ń yan ohun tí àwọ̀ máa tẹ̀ lé:

```
"alaisan" / "olugbe" * 10000
```

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi tí aláìsàn kò pọ̀. Ká ní mẹ́ta péré ni ti Mopa-Muro, ẹnì kan ṣoṣo tó bá kún un máa gbé ìwọ̀n náà sókè pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọ̀ sì lè yí padà láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ kó ọ̀sẹ̀ mélòó kan pọ̀ kí ẹ tó kùn ún, kí ẹ sì kọ iye aláìsàn gan-an sórí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan tún wà tó máa ń bà mí nínú jẹ́ nínú irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó wá láti Ìjùmú gba ìtọ́jú ní Kábà, wọ́n kọ ọ́ mọ́ Kábà, wọ́n sì fi olùgbé Kábà-Bùnú pín in. Ilé aláìsàn ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ìkànìyàn 2006 náà ti pẹ́. Bí ẹ bá ní ìṣirò tuntun, òun náà ni kí ẹ lò fún gbogbo wọn.

Ẹ má sọ iye gidi nù o. Ẹni tó ń kó omi dírípù lọ nílò 60 àti 33 yẹn. Roboto ni kí ẹ fi yà á, kí títóbi rẹ̀ bá iye aláìsàn mu, kí ẹ sì fi àwọ̀ sílẹ̀ fún ìwọ̀n nínú 10,000.