Owó tó kúrò lọ́wọ́ olùrà, ta ló kó o lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n fún wa níṣẹ́ lórí tàrífù ìrẹsì. Báàgì kan jẹ́ 40,000 náírà lọ́jà àgbáyé, ìjọba wá fi tàrífù 10,000 lé e. Tẹ́lẹ̀, iye báàgì táwọn àgbẹ̀ wa ń tà jẹ́ 20,000, iye tí àwa ń rà sì jẹ́ 80,000. Lẹ́yìn tàrífù ó di 30,000 àti 70,000. Mo ṣírò ẹ̀, àwọn tó ń rà pàdánù 750 mílíọ̀nù, àmọ́ ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé ní 100 mílíọ̀nù péré ni orílẹ̀-èdè pàdánù. Ibo ni 650 yòókù wọlé sí? Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ìrẹsì ní Ìdìrókò tún ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀, pé wọn ò ka fàyàwọ́ mọ́ ọn. Ta ló tọ̀nà sà?

Ìdáhùn: Àbúrò, 650 yẹn ò sọnù rárá, ọwọ́ ẹlòmíì ló bọ́ sí. Mú pépà kan kó o ya gíráàfù yẹn kí n fi hàn ẹ́. Iye báàgì wà nísàlẹ̀, owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Fa ìlà gbọọrọ kan ní 40,000, fa òmíì ní 50,000. Ìlà àwọn àgbẹ̀ ń gòkè lọ sápá ọ̀tún, tàwọn tó ń rà ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo àyè tó wà láàárín ìlà gbọọrọ méjèèjì, láti etí òsì títí tó fi kan ìlà àwọn tó ń rà, ohun tí olùrà pàdánù nìyẹn: 10,000 lọ́nà 75,000 (àárín 80,000 àti 70,000), 750 mílíọ̀nù, o gbà á.

Wàá rí i pé ìlà àwọn àgbẹ̀ gba inú àyè yẹn kọjá. Tó o bá wá fa ìlà òró méjì láti 50,000 wálẹ̀ sí 40,000, ọ̀kan níbi báàgì 30,000, èkejì níbi 70,000, àyè yẹn á pín sí mẹ́rin, pè wọ́n ní a, b, c, d láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Apá a, àwọn àgbẹ̀ ló ni ín. Ibí làwọn ọmọ kíláàsì ti máa ń ṣìnà, wọ́n á ní 10,000 lọ́nà 30,000 ó di 300 mílíọ̀nù. Rárá o! Báàgì 20,000 àkọ́kọ́ ló jèrè 10,000 pé pérépéré torí pé wọ́n ti ń ta wọ́n tẹ́lẹ̀, èyí tó jẹ́ 200 mílíọ̀nù. Báàgì 10,000 tó wá lé e náwó ju 40,000 lọ kó tó jáde lóko, nítorí náà ìdajì lo máa mú níbẹ̀, 50 mílíọ̀nù. Àpapọ̀ a jẹ́ 250. Apá c ni ìjọba ń gbà ní bodè, 10,000 lórí báàgì 40,000 tó ṣì ń wọlé (kì í ṣe 60,000 tó ń wọlé tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi èyí náà gba òdo), ó jẹ́ 400. Fi 250 kún 400, 650 ẹ rèé.

Èyí tó kù, b àti d, 50 mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gan-an ni ò bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wo àgbẹ̀ kan tí ilẹ̀ ẹ̀ ò gba ìrẹsì dáadáa, tó ní láti fi jẹnẹrétọ̀ fa omi, tó ra ajílẹ̀ lọ́wọ́n, báàgì kan wá ná an ní 48,000. Tàrífù ló jẹ́ kó lè tà á ní 50,000 kó sì rí 2,000 mú lọ sílé, ṣùgbọ́n ìlú ì bá ti rí báàgì kan náà rà ní 40,000, kí epo bẹntiróòlù àti ajílẹ̀ 8,000 yẹn ṣe nǹkan mìíì. Ìyẹn ni b. Wá wo ìyá olóúnjẹ kan tó lè san tó 46,000 lórí báàgì kan, tó rí 50,000 tó sì yí sí gààrí. Ìgbádùn 6,000 tó yẹ kó wà nínú ìrẹsì yẹn fún un ti lọ, àgbẹ̀ ò rí i, kọ́sítọ́ọ̀mù náà ò rí i torí pé báàgì yẹn ò wọlé rárá. Ìyẹn ni d. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣe é dáadáa, mú ìdajì tàrífù lọ́nà iye tí ọjà tó ń wọlé fi dín kù:

```
b + d = ½ × 10,000 × (60,000 − 40,000) = 100,000,000
```

Ìdánwò lo fi bá èyí pàdé o, àmọ́ ohun tó yẹ kó yà ẹ́ lẹ́nu kọ́ nìyẹn. Sọ tàrífù di 20,000. Àwọn àgbẹ̀ á ta 40,000, àwa á ra 60,000, 20,000 ló máa wọlé, owó ìjọba ṣì jẹ́ 400 mílíọ̀nù bíi tàkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n b àti d ti di 200 kọ̀ọ̀kan, 400 lápapọ̀! Tàrífù pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, àdánù pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹrin, torí pé onígun mẹ́ta máa ń ga sí i ó sì tún máa ń fẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá dé 30,000, ọjà ò wọlé mọ́ rárá, ìjọba ò rí kọ́bọ̀, àdánù jẹ́ 900.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ. Lọ́dún 2013 Nàìjíríà gbé owó tí wọ́n ń gbà lórí ìrẹsì òkèèrè dé 110 nínú ọgọ́rùn-ún, 10 fún tàrífù, 100 fún owó àfikún, àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ò sì gbà tó bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ tẹ́lẹ̀, irú èyí tá à ń jẹ, wá ń gúnlẹ̀ sí Kutọnu rẹpẹtẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìrẹsì funfun tí wọn ò bọ̀ làwọn ará Bẹ̀nẹ̀ fúnra wọn fẹ́ràn jù. Kò sẹ́ni tí ò mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó tiẹ̀ di oṣù kẹjọ 2019 Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ pa, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Nínú gíráàfù ẹ, apá c ni fàyàwọ́ ń bà jẹ́. Ká ní nínú 40,000 tó ń wọlé yẹn, ìdajì gba inú igbó, owó ọjà ṣì dúró ní 50,000. Ìjọba ti pàdánù 200 mílíọ̀nù nìyẹn. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ gbogbo ẹ̀ di àdánù ìlú o, ibí ni mi ò ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ lọ tán. Nínú 10,000 tó wà lórí báàgì kan, ká ní 3,000 jẹ́ rìbá àti èrè onífàyàwọ́, ìyẹn ṣì jẹ́ owó tó yí ọwọ́ padà, kì báà jẹ́ ọwọ́ burúkú. 7,000 tó kù ni epo ọ̀kadà, táyà tó ń bẹ́ lọ́nà igbó, àwọn géńdé tó ń fi orí rù ú lóru, báàgì tí òjò pa, ìyẹn ti jóná. 7,000 lọ́nà 20,000 jẹ́ 140 mílíọ̀nù, fi kún 100 ti tẹ́lẹ̀, ó di 240.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù, gbogbo èyí dúró lórí pé orílẹ̀-èdè yẹn kéré lójú ọjà àgbáyé. Kì í ṣe iye èèyàn là ń sọ o, ohun tó túmọ̀ sí ni pé bá a ra púpọ̀ bá a ra díẹ̀, 40,000 ò ní yẹ̀. Tógò bá a mu wẹ́kú. Nàìjíríà máa ń ra ìrẹsì lọ́pọ̀ láwọn ọdún kan débi pé èèyàn lè jiyàn ẹ̀, tí owó àgbáyé bá sì wálẹ̀ torí pé a ò rà mọ́, àwọn tó ń tà á fún wa lókè òkun ló máa san díẹ̀ lára c, ìṣirò ẹ á yí padà. Tíṣà yín ò béèrè ìyẹn. Kọ 100 sílẹ̀ fún un, kó o sì fi 240 han ẹ̀gbọ́n ẹ, kó sọ fún ẹ bóyá 7,000 yẹn pọ̀ jù tàbí ó kéré, òun ló mọ ọ̀nà yẹn.