Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ: Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin

"Lálẹ́ Jímọ̀ ni mo bí ọmọkùnrin. Àwọn ará ọkọ mi ní Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án la máa sọ ọ́ lórúkọ, àwọn èèyàn mi ní Ìlọrin ní ọjọ́ keje ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá ìkókó. Àṣà àtijọ́ ni ti Ọ̀yọ́: ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin, ọjọ́ keje fún obìnrin, ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì. Samuel Johnson náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìtàn tó parí ní 1897.

Ẹ wo bí oníkálukú ṣe ń kà á. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, nítorí náà Sátidé ni ọjọ́ kẹsàn-án Jímọ̀. Ọ̀pọ̀ àfáà kì í kà á mọ́ ọn, ìyẹn ni ọjọ́ keje tiwọn fi máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ tiwa. (Ọjọ́ kẹjọ náà ni Lúùkù 2:21 sọ, ó sì bá àwọn Kìrìsìtẹ́nì lára mu.)

Àmọ́ alẹ́ lẹ bímọ. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, Sátidé ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìkà Mùsùlùmí, ọjọ́ keje sì lè di Sátidé tó tẹ̀ lé e fún àfáà tí kò bá ka ọjọ́ náà mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kan náà ni ìdílé méjèèjì ń sọ! Ẹ bi àfáà yín bó ṣe ń ka ọmọ tí wọ́n bí lálẹ́. Bó bá jẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, Jímọ̀ ni ti Ìlọrin, ẹ ó wá jọ dúnàádúrà.